Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Àjọṣe Fíìmù Ká Kí Ìjà Má Bàa Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Ní Ìkòròdú níbí, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá ló jẹ́ pé ẹni méjì ló da owó àti ọgbọ́n pọ̀ láti fi ṣe é. Ọ̀kan ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, èkejì mọ iṣẹ́ ìdarí, àwọn méjèèjì jókòó kọ ìtàn pọ̀, wọ́n lọ yà á ní Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ́, wọ́n sì gbé e sórí YouTube. Nígbà tó bá wá di pé wọn ò lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé kálukú á kàn dákẹ́. Wọn ò ní gbé fóònù ara wọn mọ́, wọ́n á sì gbà pé àjọṣe ti parí nìyẹn.

Kò tíì parí. Fíìmù ṣì ń pa owó, ẹ́dítọ̀ ṣì ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà nínú ìwé tí àwọn òṣèré fọwọ́ sí. Àdéhùn tó wà láàárín ènìyàn méjì lè dópin lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti jọ ṣe kò ní bá a dópin. Kọpiráìtì lórí fíìmù, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí onífíìmù ní lórí rẹ̀, máa ń wà fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ti ìtàn tí ẹni méjì jọ kọ tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: 70 ọdún ni, a ó sì máa kà á láti òpin ọdún tí ẹni tó kú kẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì bá kú. Àwọn ọmọ yín lè jogún ìjà yìí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ tú àjọṣe ká pẹ̀lú ìwé àti ìṣirò, kí ẹ má fi dídákẹ́ tú u.

Àpẹẹrẹ kan ni màá fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni méjì ṣe fíìmù kan. A ó pe èyí tó dàgbà ní Ẹ̀gbọ́n, a ó pe èkejì ní Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n kó 3,000,000 náírà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò. Àbúrò kó 1,000,000 náírà sílẹ̀, òun náà ló sì darí eré. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ṣàdéhùn pé tí èrè bá wọlé, Ẹ̀gbọ́n á mú 60 nínú 100, Àbúrò á mú 40. Nígbà tí owó tán lójú lokéṣọ̀n, Ẹ̀gbọ́n fi 500,000 náírà kún un, ó sì kọ ọ́ sí WhatsApp pé, "Yíyá ni mo yá wa o." Ṣánẹ́ẹ̀lì Àbúrò ni fíìmù náà wà, ṣùgbọ́n àkáǹtì báńkì tí àwọn méjèèjì jọ ń fọwọ́ sí ni owó ń wọ̀. Títí di ọjọ́ tí wọ́n pinnu láti pínyà, 5,600,000 náírà ti wọlé. Wọ́n ṣì jẹ ẹ́dítọ̀ ní 300,000, wọ́n sì jẹ ẹni tó yá wọn ní iná àti jẹnẹrétọ̀ ní 150,000.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ohun tí ẹ sọ fún ara yín jáde

Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ kúrò, ẹ wá àdéhùn yín jáde. Tí ẹ bá ní ìwé, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀: iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò, ohun tí ìwé ní kó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù tí ẹnì kan bá kúrò, àti ibi tí ìwé ní kí ẹ gbé ẹjọ́ lọ. Ohun tí ìwé bá sọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà kó yàtọ̀ sí ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Tí kò bá sí ìwé, ẹ má rò pé kò sí àdéhùn. Àdéhùn ẹnu pé ẹ ó jọ ṣòwò, ẹ ó sì jọ pín èrè, àdéhùn gidi ni. Ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp jọ, àti ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ síra yín, àti ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san láti báńkì. Ẹ gbé wọn kúrò lórí fóònù, nítorí fóònù lè sọnù tàbí kó bàjẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "yíyá ni mo yá wa o", máa yí ìṣirò padà, ẹ ó sì rí i láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìwé ránṣẹ́, kí gbèsè tuntun má baà wọlé

Tí ẹni méjì bá jọ ń ṣòwò láti pín èrè, òfin àjọṣe òwò lè ka gbèsè tí ọ̀kan wọn jẹ lórí òwò náà sí gbèsè àwọn méjèèjì. Ẹni tó sì ti ń bá yín ṣòwò tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbà pé ẹ ṣì wà pọ̀ títí ẹ ó fi sọ fún un pé ẹ ti pínyà. Ìyẹn ni pé tí Àbúrò bá lọ gba iná yíyá lóṣù tó ń bọ̀ ní orúkọ àwọn méjèèjì, oníná lè wá Ẹ̀gbọ́n wá sílé.

Ẹ kọ ìwé kúkúrú, ẹ má fi èébú sí i, ẹ má sọ ẹ̀sùn kankan níbẹ̀. Irú èyí ti tó:

*Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Lórí fíìmù tí a jọ ṣe, mo fẹ́ kí àjọṣe wa dópin ní ọjọ́ (ẹ kọ ọjọ́ síbí). Láti òní lọ, mi ò ní jẹ gbèsè kankan ní orúkọ àwa méjèèjì, mi ò ní ta fíìmù náà tàbí ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní mú owó kúrò nínú àkáǹtì láìjẹ́ pé ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe bákan náà. Ẹ jẹ́ ká yan ọjọ́ tí a ó jókòó ṣe ìṣirò.*

Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp àti ímeèlì, kí ẹ sì tún fún un ní ti orí ìwé, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé òun gbà á. Ẹ wá sọ fún báńkì, ẹ́dítọ̀, àwọn tó ń yá yín ní ẹ̀rọ, àti máákẹ́tà tó bá wà. Tí àkáǹtì yín bá jẹ́ èyí tí ẹnì kan ṣoṣo lè mú owó nínú rẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ yí i padà sí ìfọwọ́sí ẹni méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ lọ fi ojú rí ohun tí ẹ jọ ní

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jà lórí "fíìmù" láìmọ̀ pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìtàn tí a kọ sílẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwòrán tútù tí kámẹ́rà yà wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ́dítọ̀, níbi tí wọ́n ti tò ó jọ, wà lọ́tọ̀. Fíìmù tó ti parí, orin, pósítà, orúkọ fíìmù, ṣánẹ́ẹ̀lì, ìwé òṣèré, àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà, gbogbo wọn wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ṣòro jù ni háàdì díráìfù. Ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ ẹ́dítọ̀, àwọn méjèèjì papọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kàn fi fíìmù tó ti parí hàn yín. Ẹ ní kó so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó ṣí iṣẹ́ náà níbi tó ti tò ó jọ, kó sì fi ọwọ́ wọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí ní ojú yín. Tí ó bá jẹ́ Premiere Pro ló fi ṣe é, tí àwòrán kan kò bá sí níbi tó yẹ kó wà, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n ní ibi àwòrán yẹn, á sì kọ `Media Offline`. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ibi tó bá pọ́n sílẹ̀. Nígbà mìíràn, díráìfù kejì tó wà nílé ni àwòrán náà wà. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ti pa á rẹ́ láti fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, kò sì ní sọ fún yín àfi tí ẹ bá bi í.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá gba fíìmù tó ti parí nìkan kò lè ṣe ohun púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ní kó gé e kúrú, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé e sí èdè mìíràn, ó nílò àwòrán tútù àti ohùn tí wọn ò tíì pò mọ́ orin. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín ẹnì kejì láìyẹ díráìfù wò, ó ń ra ohun tí kò mọ̀.

Ẹ da ohun gbogbo kọ sí díráìfù méjì, ọ̀kan fún kálukú, ní ìjókòó yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ́dítọ̀ tí wọn ò tíì sanwó fún máa ń di díráìfù mú, n kò sì dá a lẹ́bi. Nítorí náà, owó ẹ́dítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ san.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣirò

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo owó tó wọlé, 5,600,000 náírà, wọ́n á pín in 60 sí 40: 3,360,000 fún Ẹ̀gbọ́n, 2,240,000 fún Àbúrò. Ó dà bíi pé ó tọ́, torí ohun tí wọ́n ṣàdéhùn ni. Kò tọ́. Èrè ni wọ́n ṣàdéhùn láti pín, owó tó wọlé kì í ṣe èrè.

Tí ẹ kò bá ti kọ ohun mìíràn sílẹ̀, ètò tí òfin àjọṣe òwò ń lò nìyí. Gbèsè àwọn ará ìta ló kọ́kọ́ ń jáde. Lẹ́yìn náà ni owó tí ọ̀kan nínú yín yá òwò náà. Lẹ́yìn náà ni owó ìdókòwò tí kálukú kó sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè, òun sì ni ẹ ó pín.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. 5,600,000 wà nílẹ̀. A san ti ẹ́dítọ̀ àti ti oníná, 450,000. Ó ku 5,150,000. A dá 500,000 tí Ẹ̀gbọ́n yá padà fún un; ó ku 4,650,000. A dá 3,000,000 padà fún Ẹ̀gbọ́n, a dá 1,000,000 padà fún Àbúrò. Ó ku 650,000. Èyí ni èrè. Ẹ̀gbọ́n mú 390,000, Àbúrò mú 260,000. Ní àpapọ̀, Ẹ̀gbọ́n gba 3,890,000, Àbúrò gba 1,260,000. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 5,150,000, ó sì bá ohun tó kù lẹ́yìn gbèsè mu. Tí tiyín kò bá bá ara mu báyìí, ẹ ti fo nǹkan kan.

Ẹ rí ohun tí ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn ṣe? Ká ní kò sí i, Àbúrò lè sọ pé ẹ̀bùn ni 500,000 yẹn, wọ́n á sì di ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí Àbúrò bá rí 1,260,000, ohun tó máa sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí mo fi dúró nínú oòrùn darí eré ńkọ́? Ṣé àárẹ̀ mi ò lówó ni?" Ìbéèrè tó dùn mí ni, torí òótọ́ ni pé ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àjọṣe òwò, ẹni tó wà nínú òwò kì í gba owó iṣẹ́ lórí òwò ara rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ṣàdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìpín 40 rẹ̀ ni wọ́n kà sí èrè iṣẹ́ yẹn. Olùdarí tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró bí owó gbọ́dọ̀ kọ iye kan sílẹ̀ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá ti kọ ọ́, ohun tó kù ni pé kó bẹ Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n sì lè fún un ní nǹkan. Èmi gbà pé ó yẹ kó fún un, pàápàá tó bá fẹ́ ra ìpín rẹ̀.

Tí fíìmù kò bá wá pa owó púpọ̀ ńkọ́? Ká ní 3,050,000 ló wọlé. Lẹ́yìn gbèsè àti owó yíyá, ó ku 2,100,000, bẹ́ẹ̀ ni owó ìdókòwò jẹ́ 4,000,000. Àdánù 1,900,000 wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé bí kálukú ṣe kó owó sílẹ̀ ni wọ́n á ṣe pín àdánù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ ṣe ń pín èrè ni ẹ ó ṣe pín àdánù, àfi tí ẹ bá kọ ohun mìíràn. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n á ru 1,140,000, Àbúrò á ru 760,000. Ẹ̀gbọ́n á gba 1,860,000 nínú 3,000,000 rẹ̀, Àbúrò á gba 240,000 nínú 1,000,000 rẹ̀. Ẹni tó gba ìpín èrè ńlá lórí owó kékeré gba ìpín àdánù ńlá pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ni fíìmù máa wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Owó ti lọ, ó ku iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ipò tí ẹ wà. Òfin kọpiráìtì ti 2022 sọ pé ẹni tó ṣe gbogbo ètò tí fíìmù fi jáde ni onífíìmù, àfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Kì í ṣe pé olùdarí ló ni ín torí pé òun ló darí rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn méjèèjì ló jọ ṣe ètò, nítorí náà àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Ìtàn náà jẹ́ iṣẹ́ àjọkọ, torí kò sí bí ẹ ó ṣe ya ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n kọ kúrò lára ti Àbúrò.

Ẹ lè jọ ní in lọ, kí ẹnì kan máa bójú tó o, kó máa fún ẹnì kejì ní ìpín rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Mi ò gba àwọn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ níyànjú láti ṣe èyí. Gbogbo oṣù mẹ́ta ni ìjà á máa jí. Ohun tó dára jù fún wọn ni kí ọ̀kan ra ìpín èkejì.

Iye wo? Ẹ ṣí YouTube Studio, kí ẹ wo owó tó ń wọlé ní oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ẹ má lo oṣù àkọ́kọ́ tí fíìmù jáde, torí ìgbà yẹn ni ojú èèyàn pọ̀ jù lórí rẹ̀, owó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní oṣù mẹ́ta náà jẹ́ 70,000, 60,000 àti 50,000. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 60,000 lóṣù. Tí ẹ bá gbà láti ka ọdún kan, ó jẹ́ 720,000. Ìpín Àbúrò, 40 nínú 100, jẹ́ 288,000. Owó náà ń lọ sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n lè fẹ́ san kéré. Fíìmù lè dé orí tẹlifíṣọ̀n lọ́la, Àbúrò lè fẹ́ gba púpọ̀. Àárín ibẹ̀ ni ẹ ó ti pàdé, ká ní ẹ fẹnu kò sí 300,000.

Rírà yìí kò ní ipá tí kò bá sí lórí ìwé. Òfin sọ ọ́ gbangba pé gbígbé kọpiráìtì fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ní kíkọ sílẹ̀. "Mo ti fi sílẹ̀ fún yín, Ẹ̀gbọ́n" lórí fóònù, tí owó sì ti kọjá, kò tó. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tó gbé fún un: fíìmù tó ti parí, àwòrán tútù, ìtàn tí wọ́n kọ, orúkọ fíìmù, àti ẹ̀tọ́ láti ṣe apá kejì. Apá kejì yẹn ni ẹ máa ń gbàgbé. Tí Àbúrò bá fẹ́ lo àwọn ènìyàn inú ìtàn náà fún ìwé tàbí eré mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ibí ni kó ti yọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ ọ́ pé òun kò gbé e.

Ohun kan wà tí Ẹ̀gbọ́n kò lè rà. Nígbà tí Àbúrò bá wà láàyè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ tó ṣe kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Nítorí náà Ẹ̀gbọ́n kò lè gé orúkọ Àbúrò kúrò níparí fíìmù torí pé inú ń bí i.

Ẹ̀yin tí ìwé ni ẹ jọ kọ, kì í ṣe fíìmù, ìyàtọ̀ kékeré wà. Tí kálukú bá ní orí tirẹ̀ nínú ìwé tó ṣeé yà sọ́tọ̀, kálukú lè mú orí rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ti pò wọ́n mọ́ra tí ẹ ò mọ ẹni tó kọ èwo, ohun tí mo sọ nípa ìtàn fíìmù ló bá tiyín mu. Kí ẹ sì ka ìwé tó ṣì wà nílé àti ọ̀dọ̀ àwọn onísọ́ọ̀bù, torí wọ́n wà nínú ìṣirò. Àdéhùn tí ẹ bá atẹ̀wé-jáde ṣe kò ní yẹ̀ nítorí pé ẹ ti pínyà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ṣánẹ́ẹ̀lì YouTube

Fídíò kò ṣeé gbé láti ṣánẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì pẹ̀lú iye èèyàn tó ti wò ó. Tí fíìmù bá wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì Àbúrò, tí Ẹ̀gbọ́n bá rà á, Àbúrò ní láti pa á rẹ́ níbẹ̀, kí Ẹ̀gbọ́n tún gbé e sórí tirẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ lè já gan-an. Ẹ fi èyí kún iye tí ẹ ó san.

Tó bá jẹ́ pé fíìmù yìí nìkan ló wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì náà, ẹ gbé ṣánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó wà lábẹ́ Brand Account, irú àkáǹtì tí ó ju ẹnì kan lọ lè jọ bójú tó, ẹ sọ Ẹ̀gbọ́n di `Owner` kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí YouTube ń béèrè pé kó pé ọjọ́ 7 ní ipò yẹn kó tó lè di `Primary owner`. Ìyẹn ni pé kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan náà tí ẹ fọwọ́ sí ìwé. Àkáǹtì AdSense tí owó YouTube ń gbà wọlé kì í bá a lọ, Ẹ̀gbọ́n máa so tirẹ̀ mọ́ ọn.

Owó oṣù kan sì máa ń wọlé lẹ́yìn oṣù yẹn, láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá parí àjọṣe ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, owó oṣù tó kọjá kò tíì wọlé, ti oṣù yẹn náà ò tíì wọlé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé owó tó bá jẹ́ ti ìgbà tí ẹ ṣì wà pọ̀, ẹ ó pín in 60 sí 40 nígbà tó bá dé, torí èrè ni.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ìpínyà

Ìwé náà kò nílò gígùn. Kó sọ ọjọ́ tí àjọṣe dópin, kó so ìṣirò àti ìwé àwọn ohun tí ẹ jọ ní mọ́ ọn, kó sọ ẹni tó gba iṣẹ́ àti iye tó san, ẹni tó máa san gbèsè tó bá yọjú lẹ́yìn, àti pé kálukú ti tú èkejì sílẹ̀ lórí ohun tó ti kọjá. Ẹ kọ ọ́ pé ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì ni iṣẹ́ kọjá, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fọwọ́ sí ìwé. Ẹ fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan kan fún kálukú. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Owó tó máa gbà kò tó ohun tí ẹjọ́ máa jẹ.

Tí ẹnì kan nínú yín kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ ọ́. Òfin ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì kọ ọ́ níbẹ̀ pé a ti kà á, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì yé e kó tó fọwọ́ sí i. Ìwé tí kò ní èyí lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e dání, kì í ṣe fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Tí ẹnì kejì bá kọ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ ìwé pè é, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń wá nítorí pé ìwé ìjọba ni. Tí ẹ bá fẹnu kò níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín láti fọwọ́ sí.

Tí kò bá wá, ibi tí ẹ ó lọ dá lórí ohun tí ẹ ń béèrè. Tó bá jẹ́ owó tí iye rẹ̀ ti dájú, tí kò ju 5,000,000 náírà lọ, bíi owó yíyá tàbí ìpín tó ti jáde nínú ìṣirò tí ẹ jọ fọwọ́ sí, ẹ lọ sí kóòtù ẹjọ́ kéékèèké lábẹ́ màjísíréètì, èyí tí Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí kóòtù pàṣẹ ìṣirò láàárín yín, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ó ń ta fíìmù tó jẹ́ tiyín láìgbàṣẹ, tàbí ó ti yọ orúkọ yín kúrò lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọpiráìtì nìyẹn, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ẹ̀sùn kan náà tí ẹ gbé lọ sí kóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀ á padà sí ọwọ́ yín lẹ́yìn oṣù púpọ̀, owó lọ́yà á sì ti lọ. Àwọn ohun tí ẹ kó jọ ní ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ fún lọ́yà, kó lè sọ fún yín kóòtù tó bá ẹjọ́ yín mu kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan.